ORÍ KEJE: Fífi Àwòrán Ya Ojúlówó Iyùn, Ìlẹ̀kẹ̀ Dígí àti Ámbà Sọ́tọ̀ Kúrò Lára Ayédèrú

Ohun tí orí yìí wà fún

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kó lè:

- ya àwòrán ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ lọ́nà tí ara, ihò àti inú rẹ̀ yóò fi hàn kedere;
- ṣàlàyé bí ìhó, ojú ìpàdé àti àwọ̀ ṣe ń tọ́ka sí ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe ìlẹ̀kẹ̀ kan;
- ya iyùn, dígí àti ámbà sọ́tọ̀ kúrò lára ike àti rẹ́sìnì níbi tí àwòrán bá ti lè ṣe é;
- sọ ibi tí agbára àwòrán pin sí, àti ohun tó kù láti ṣe níbẹ̀.

7.1 Àwọn ohun tí a ń yẹ̀ wò

Iyùn ni egungun tí àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú òkun ń kọ́ díẹ̀díẹ̀, tó sì máa ń yọ ẹ̀ka bí igi. CaCO₃ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Iyùn pupa tí àwọn ọba àti ìjòyè wa ń lò láti ayébáyé, inú Òkun Mẹditaréníà ni èyí tó lókìkí jù nínú rẹ̀ ti ń wá, àwọn oníṣòwò Pọtugí sì wà lára àwọn tó ń kó o wá sí Ìbíní láti ìparí ọ̀rúndún karùndínlógún.

Ìlẹ̀kẹ̀ dígí ni èyí tí a fi yanrìn àti àwọn èròjà mìíràn tí a yọ́ nínú iná ṣe. Kì í ṣe òkèèrè nìkan ló ti wá. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, iṣẹ́ ìwalẹ̀ tí Abídèmí Babátúndé Babalọlá darí hú ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó ju 12,000 lọ, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ dígí. Èyí fi hàn pé wọ́n ń ṣe dígí fúnra wọn níbẹ̀ ṣáájú kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí etíkun wa.

Ámbà ni oje igi àtijọ́ tó ti wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún títí tó fi le. Agbègbè Òkun Bọ́tíìkì ní Yúróòpù ni èyí tí a mọ̀ jù ti ń wá.

Ike ni ohun tí ẹ̀rọ ń yọ́, tó sì ń fi agbára tì wọ inú mọ́ọ̀dù irin. Rẹ́sìnì tí a ń sọ nínú orí yìí ni olómi tí a máa ń da sínú mọ́ọ̀dù, tó ń gan lẹ́yìn tí a bá ti po èròjà ìmúgan mọ́ ọn.

Àwọn àmì mẹ́rin ni a ó máa wá. Ìhó ni àyè kékeré tí afẹ́fẹ́ há sí nígbà tí ohun tó wà ní yíyọ́ tàbí ní olómi ń gan. Ojú ìpàdé ni ìlà tó máa ń wà níbi tí apá méjì mọ́ọ̀dù ti pàdé. Ìdodo ni àpá kékeré tó máa ń kù níbi tí ike gbà wọ mọ́ọ̀dù, tí wọ́n sì ti já a kúrò. Ìlà ìdàgbà ni ìlà tàbí òrùka tí ẹ̀dá tó ń dàgbà fi sílẹ̀ lára egungun rẹ̀.

Kò sí èyí tó jẹ́ ìdájọ́ fúnra rẹ̀ nínú wọn. Ìhó wà nínú dígí, ó wà nínú rẹ́sìnì, ó sì lè wà nínú ámbà gidi. Ojú ìpàdé wà lára ike, ó sì wà lára dígí tí a fi mọ́ọ̀dù tẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa bi ara rẹ̀ ni pé: irú iṣẹ́ wo ló lè fi àpá báyìí sílẹ̀, níbí yìí, pẹ̀lú ìrísí yìí?

7.2 Bí a ṣe ń ya àwòrán náà

Kámẹ́rà fóònù tó, bí a bá fi lẹ́ǹsì kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá há a lójú. Bí kò bá sí lẹ́ǹsì, kí a gbé fóònù jìnnà sí ìlẹ̀kẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, kí a yà á bẹ́ẹ̀, kí a sì gé àwòrán náà kù lẹ́yìn náà. Fífi ìka fa ojú fóònù kí nǹkan lè tóbi kí a tó yà á máa ń sọ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ di bàìbàì.

A ó tẹ́ ìwé funfun tí kò ní ìlà sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé níbi tí oòrùn kò ti ràn tààrà. A ó pa gílóòbù inú yàrá, nítorí ọ̀pọ̀ gílóòbù ló ń tan ìmọ́lẹ̀ tó pọ́n, tó sì máa ń mú kí ìlẹ̀kẹ̀ olómi ọsàn dà bí èyí tó pupa. A ó pa fíláàṣì pẹ̀lú. Rúlà yóò wà nínú gbogbo àwòrán, ìwé funfun náà yóò sì hàn níbẹ̀, kí ẹni tó ń wò ó lè mọ̀ bóyá kámẹ́rà ti yí àwọ̀ padà: bí ìwé bá pọ́n nínú àwòrán, ìlẹ̀kẹ̀ náà pọ́n ju bó ṣe yẹ nìyẹn.

Àwòrán márùn-ún la nílò. Àwòrán A ni ti gbogbo okùn ìlẹ̀kẹ̀ lápapọ̀. Àwòrán B ni ti ẹ̀gbẹ́ ẹyọ kan, a ó sì yí ẹyọ náà díẹ̀díẹ̀ títí tí a ó fi ya gbogbo ara rẹ̀ ká. Àwòrán D ni ti ẹnu ihò, kí kámẹ́rà kọjú sí i gan-an. Àwòrán E ni èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń ti ẹ̀yìn ìlẹ̀kẹ̀ wá. Fún èyí, a ó lu ihò tó kéré ju ìlẹ̀kẹ̀ lọ sára páálí, a ó gbé ìlẹ̀kẹ̀ lé ihò náà, a ó sì tan tọ́ọ̀ṣì lábẹ́ rẹ̀. Páálí yóò dí gbogbo ìmọ́lẹ̀ mìíràn, èyí tó bá gba inú ìlẹ̀kẹ̀ kọjá nìkan ni kámẹ́rà yóò rí. Àwòrán Ẹ ni ti ibi tó bá ti sán, tó họ tàbí tó bó.

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi yẹ kí a dúró lé e lórí díẹ̀. Lára ìlẹ̀kẹ̀ tó ń dán, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé máa ń hàn bí ẹ̀kán funfun róbótó, ẹni tí kò mọ̀ á sì pè é ní ìhó. Láti yanjú èyí, a ó ya Àwòrán B ní ẹ̀ẹ̀mejì láìfọwọ́ kan ìlẹ̀kẹ̀ tàbí fóònù. Ní ìgbà kejì, a ó fi páálí dí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kó má bọ́ lé ìlẹ̀kẹ̀ tààrà, a ó sì fi ìwé funfun mìíràn ti ìmọ́lẹ̀ wá láti apá kejì. Ẹ̀kán tó bá ṣí kúrò ní ipò rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ lásán ni. Èyí tó bá dúró síbi tó wà, ìhó ni, tàbí eruku. A ó fi aṣọ rírọ̀ nu eruku, a ó sì tún un yà.

Bí a bá fẹ́ fi àwòrán ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn lórí WhatsApp, kí a fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi `Document`. Bí a bá fi í ránṣẹ́ bí àwòrán lásán, ètò náà á fún un pọ̀ kó lè fúyẹ́, àwọn ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń wá ni yóò sì kọ́kọ́ pòórá.

7.3 Iyùn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi àwọ̀ mọ iyùn, àwọ̀ sì ni ohun tó rọrùn jù láti ṣe ayédèrú rẹ̀. Ìlà ìdàgbà ni ẹ̀rí tó lágbára jù lọ. Bí a bá wo ẹ̀gbẹ́ ẹyọ iyùn dáadáa nínú Àwòrán B, a ó rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tó sì gùn tẹ̀lé bí ẹ̀ka náà ṣe gùn. Ó máa ń tó ìlà méjì sí mẹ́rin nínú mìlímítà kan. Wọn kì í gún régé bí èyí tí a fi rúlà fà. Wọ́n máa ń gbọ̀n díẹ̀, wọ́n sì ń yà bàrá níbi tí ẹ̀ka ti fẹ́ yọ. Bí a bá wá wo ẹnu ihò nínú Àwòrán D, ìlà yẹn kan náà yóò hàn ní ọ̀nà mìíràn: òrùka tó yí ara wọn ká, bíi ti kùkùté igi tí a gé. Ìlà ní ẹ̀gbẹ́ àti òrùka ní orí, tí wọ́n jẹ́ ohun kan náà tí a wò láti ibi méjì, ni ayédèrú ìlẹ̀kẹ̀ kì í sábà lè ní pọ̀.

Àwọn ìlẹ̀kẹ̀ roboto kan wà tí wọ́n lu ihò gba ìdábùú ẹ̀ka. Lára irú wọn, òrùka yóò wà ní ẹ̀gbẹ́, ìlà yóò sì wà lẹ́nu ihò. Kò sí ewu nínú èyí. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí méjèèjì wà, kí wọ́n sì bá ara wọn mu.

Iyùn tí wọ́n dán gidigidi lè fi ìlà rẹ̀ pamọ́. Bí bẹ́ẹ̀ bá rí, kí a jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́, kó rẹlẹ̀ débi pé yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rá lórí tábìlì. Àwọn ìlà tó jin díẹ̀ yóò ní òjìji, wọn yóò sì jáde.

Ní ti ìhó, iyùn kì í gba ipò olómi kọjá kó tó le, nítorí náà kò sí bí ìhó róbótó yóò ṣe wà nínú rẹ̀. Ihò kéékèèké lè wà lójú rẹ̀, níbi tí kòkòrò òkun ti jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ihò bẹ́ẹ̀ kì í rí róbótó régé, etí rẹ̀ sì máa ń rí págunpàgun. Bí a bá rí ìhó tó yí bí ẹyin ẹja nínú ìlẹ̀kẹ̀ pupa kan, dígí tàbí rẹ́sìnì ni, iyùn kọ́. Àwọn kan máa ń lọ iyùn kúnná, wọ́n á sì pò ó mọ́ rẹ́sìnì. Lára irú èyí, a ó rí hóró pupa tó fọ́n ká láìsí ètò, a kò ní rí ìlà kankan.

Àwọ̀ ń bọ̀ ní ìkẹyìn, ó sì wúlò jù nínú Àwòrán A. Lára okùn ojúlówó iyùn, ẹyọ kan kì í pupa tó èkejì. Òmíràn á ní funfun díẹ̀ lára, òmíràn á ṣú níbì kan ju ibì kan lọ. Bí gbogbo ẹyọ lórí okùn bá pupa bákan náà láìsí ìyàtọ̀ rárá, kí a fura, ṣùgbọ́n kí a má tíì dájọ́, nítorí àwọn oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ tó mọ iṣẹ́ máa ń ṣa iyùn tó bára mu jọ.

*Iyùn tí a pa láró.* Irú iyùn mìíràn wà tó funfun tàbí tó rí ràkọ̀ràkọ̀, tó sì ní oríkèé bí ọparun. Wọ́n máa ń pa á láró pupa, wọ́n á sì tà á bí iyùn Mẹditaréníà. Ìlà ìdàgbà wà lára rẹ̀, nítorí egungun òkun ni òun náà, ṣùgbọ́n ìlà rẹ̀ fẹ̀, ó sì jìnnà síra ju ti iyùn pupa lọ. Aró ló máa ń tú u fó: nínú Àwòrán D, pupa náà máa ń kún jù ní etí ihò àti nínú ojú tó là, inú ihò sì lè funfun níbi tí aró kò dé. Kì í ṣe ike. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun tí ẹni tó rà á sanwó fún.

*Ike.* Ojú ìpàdé lára ike yàtọ̀ sí ìlà ìdàgbà ní ọ̀nà mẹ́ta. Ó máa ń jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì tó kọjú síra wọn, iyùn sì ní ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ó gún régé. Ó sì sábà máa ń yọ sókè díẹ̀ bí etí, nígbà tí ìlà iyùn máa ń jin wọlé. Bí a bá wá rí ìdodo lórí ìlà náà tàbí nítòsí ẹnu ihò, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Àwọn tó ń ṣe ayédèrú mọ èyí, wọ́n sì máa ń dán ojú ìpàdé kúrò. Ohun kan ṣòro fún wọn láti dán kúrò: mọ́ọ̀dù kan náà ló bí ọ̀pọ̀ ẹyọ. Kí a to àwòrán ẹyọ márùn-ún tàbí mẹ́fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí a wá àlébù. Bí kòtò kékeré kan bá wà lára méjì nínú wọn, ní ibì kan náà, pẹ̀lú ìrísí kan náà, mọ́ọ̀dù ni. Ẹ̀dá òkun kì í dàgbà bákan náà lẹ́ẹ̀mejì.

7.4 Ìlẹ̀kẹ̀ dígí

Nínú dígí, ìhó ni olórí ẹlẹ́rìí, ibi tó sì nà sí ni a ń wò. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni wọ́n ń gbà fọwọ́ ṣe ìlẹ̀kẹ̀ dígí. Nínú èkíní, wọ́n á fa dígí tó ti yọ́ gùn bí ọ̀pá oníhò, wọ́n á sì gé e sí wẹ́wẹ́. Dígí fífà là ń pe èyí, ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ Igbó Olókun sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìhó inú rẹ̀ á nà gbọọrọ, á sì tẹ̀lé ihò ìlẹ̀kẹ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Nínú ọ̀nà kejì, wọ́n á wé dígí tó ti yọ́ mọ́ ọ̀pá irin, bí àwọn oníṣẹ́ dígí ìlú Bídà ní ilẹ̀ Tápà ti ń ṣe é. Dígí wíwé nìyẹn. Ìhó inú rẹ̀ máa ń yí ihò ká, ojú rẹ̀ náà sì lè fi bí wọ́n ṣe wé e hàn.

Nínú rẹ́sìnì, kò sí ẹni tó fa olómi náà, kò sí ẹni tó wé e. Wọ́n dà á ni, ó sì gan síbi tí wọ́n dà á sí. Nítorí náà ìhó inú rẹ̀ máa ń rí róbótó, wọ́n á ṣù jọ sí apá kan tó jẹ́ òkè nígbà tó wà nínú mọ́ọ̀dù, wọn kò sì ní bá ihò ìlẹ̀kẹ̀ tan rárá. Àwòrán E ló ń fi èyí hàn jù. Ìhó róbótó díẹ̀ lè wà nínú dígí wíwé pẹ̀lú, nítorí náà kì í ṣe ẹyọ kan ni kí a wò. Gbogbo wọn lápapọ̀ ni, àti ibi tí wọ́n dojú kọ.

Nígbà tí ìhó bá sọnù, tí dígí náà kò sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá, a ó yíjú sí Àwòrán Ẹ. Ibi tí dígí ti sán máa ń dán, ó máa ń jin bí inú ìkarahun, etí rẹ̀ sì máa ń mú. Ike kì í sán bẹ́ẹ̀. Ibi tó bá ti họ á rí gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, fọ́nrán kéékèèké sì lè dìde lẹ́nu ihò níbi tí okùn ti ń gé e. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì nítorí dígí tí wọ́n fi mọ́ọ̀dù tẹ̀ ní ojú ìpàdé gẹ́gẹ́ bí ike ti ní in. Ẹni tó bá fi ojú ìpàdé nìkan ṣèdájọ́ yóò ju dígí rere nù.

Ní ti àwọ̀, ṣẹ̀gi yẹ fún àkíyèsí. Búlúù ni lójú, ṣùgbọ́n bí a bá fi ìmọ́lẹ̀ sí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ nínú ṣẹ̀gi àtijọ́, wọn á yí padà sí àwọ̀ ewé. Kí a fi Àwòrán B àti E ẹyọ kan náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ike búlúù lásán kì í yí báyìí. Á kàn mọ́lẹ̀ sí i ni, tàbí kó má jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá rárá.

7.5 Ámbà

Ibi tí àwòrán ti máa ń kùnà jù nìyí. Ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ ńláńlá aláwọ̀ oyin tí wọ́n ń pè ní ámbà ní ọjà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kì í ṣe ámbà. Bákéláìtì ni wọ́n, tàbí ìbátan rẹ̀: irú ike tí Leo Baekeland ṣàwárí ní 1907. Wọ́n máa ń ṣe é ní ọ̀pá, wọ́n á gé e, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ gbẹ́ ẹ, nítorí náà kì í sábà ní ojú ìpàdé, kì í sì í ní ìdodo. Àwọ̀ rẹ̀ pàápàá máa ń ṣú bó ṣe ń pẹ́, bí ti ámbà.

Ohun mẹ́ta ni àwòrán lè sọ níbẹ̀. Àkọ́kọ́, bákéláìtì sábà máa ń ní ìlà àwọ̀ tó ń lọ́ bí ìgbà tí a ń ro mílíìkì sínú tíì, ó sì máa ń jọra láti ẹyọ dé ẹyọ. Ìkejì, ojú ámbà àtijọ́ máa ń là wẹ́wẹ́ bí àwọ̀n, ẹnu ihò rẹ̀ sì máa ń sán wẹ́wẹ́ nítorí ó rọrùn láti fọ́. Ìkẹta, bí kòkòrò bá wà nínú rẹ̀, kí a má yára yọ̀. Rẹ́sìnì ni wọ́n sábà ń da lé kòkòrò tó ti kú, tó sì máa ń wà láàárín gbùngbùn, ní pípé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tò dáadáa. Èyí tó há sínú oje igi láàyè máa ń fi àmì ìjàkadì hàn, ó sì sábà máa ń kéré.

Lẹ́yìn èyí, omi iyọ̀ ló kù. A ó po iyọ̀ gíráàmù 35 mọ́ omi mílílítà 100, a ó rò ó títí yóò fi yọ́. A ó yọ ẹyọ kan kúrò lórí okùn, a ó fi omi lásán fọ ọ́, a ó rọra gbé e sínú omi iyọ̀ náà, a ó sì mi ìhó tó bá lẹ̀ mọ́ ọn lára kúrò. Ámbà yóò léfòó, bákéláìtì yóò rì. Ìdí ni pé ìwúwo ámbà jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 1.05 sí 1.10 nínú mílílítà kan, ti omi iyọ̀ yìí súnmọ́ 1.2, ti bákéláìtì sì ju 1.25 lọ. Ibi tí ìdánwò yìí dé kò jìnnà: àwọn ike kan wà tó fúyẹ́ tí àwọn náà ń léfòó, oje igi tí kò tíì pẹ́ nínú ilẹ̀ tó ti ámbà náà sì ń léfòó. Ìlẹ̀kẹ̀ tó bá rì kì í ṣe ámbà. Èyí tó bá léfòó lè jẹ́ ẹ.

Àwọn kan máa ń fi abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti fi sínú iná gún ìlẹ̀kẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ òórùn rẹ̀. A kò fi í kún ẹ̀kọ́ yìí, nítorí ó ń ba ohun tí a fẹ́ mọ̀ jẹ́, èéfín ike kan sì ń pani lára.

7.6 Àpẹẹrẹ kan tí a yanjú

Ká gbà pé ìyàwó tuntun kan gbé okùn iyùn tí ìyá bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un wá. Ogún ẹyọ ló wà lórí rẹ̀, gbogbo wọn gùn bí ọ̀pá kékeré. A fi nọ́ńbà 1 sí 20 sórí ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, a kò sì tú okùn náà.

Àwòrán A fi hàn pé ẹyọ 12 gùn ní mìlímítà 18 gẹ́lẹ́. Àwọn 8 tó kù wà láàárín mìlímítà 14 àti 21, àwọ̀ wọn kò sì dọ́gba. Èyí kì í ṣe ẹ̀rí, ó kàn sọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ ni.

Nínú Àwòrán B, 9 nínú àwọn 12 náà ní ìlà kan tó yọ sókè láti ihò dé ihò, wọ́n sì ní òmíràn ní òdìkejì gan-an. Nọ́ńbà 3, 8 àti 11 kò ní in. Ara wọn dán. A to àwòrán àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, a sì rí kòtò kékeré bí orí abẹ́rẹ́ ní ibì kan náà lára wọn, ní mìlímítà 2 sí ẹnu ihò. Ike ni gbogbo àwọn 12.

Lára àwọn 8 tó kù, 4 ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, mẹ́ta nínú mìlímítà kan, Àwòrán D sì fi òrùka hàn ní orí wọn. Ojúlówó iyùn ni. Ẹyọ 2 ní ìlà tó fẹ̀, aró sì kún etí ihò wọn. Iyùn tí a pa láró ni. Nọ́ńbà 17 kò ní ìlà, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀kán funfun mẹ́rin. Nígbà tí a yí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá padà, ọ̀kan ṣí kúrò, mẹ́ta dúró. Ẹnu ihò rẹ̀ ti sán, ibẹ̀ sì ń dán bí inú ìkarahun. Dígí ni.

Nọ́ńbà 20 ló kù. Wọ́n ti dán an gan-an, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kò fi ìlà hàn, kò ní ìhó, kò ní ojú ìpàdé, kò sì sán níbì kankan. Ohun tí a kọ sílẹ̀ fún un ni: *àwòrán kò yanjú rẹ̀.* Ó jẹ́ ti onímọ̀ òkúta iyebíye tó ní ẹ̀rọ.

Ṣé wọ́n tan ìyá àgbà jẹ ni? Àwòrán kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Okùn máa ń já, ẹyọ máa ń sọnù, ẹni tó tún un sín lè fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dípò. Ohun tí okùn náà jẹ́ báyìí nìkan la mọ̀.

7.7 Àwọn kókó

- Iyùn: ìlà ní ẹ̀gbẹ́ àti òrùka ní orí, kò sí ìhó róbótó.
- Iyùn tí a pa láró: ìlà tó fẹ̀, àwọ̀ tó kún etí ihò.
- Ike: ojú ìpàdé, ìdodo, àlébù kan náà lára ẹyọ méjì.
- Dígí: ìhó tó tẹ̀lé ihò tàbí tó yí i ká, ojú sísán tó ń dán.
- Rẹ́sìnì: ìhó róbótó tó ṣù jọ sí apá kan.
- Ámbà: àwòrán nìkan kò tó, kí a fi omi iyọ̀ kún un.

Ìdánrawò

1. Kọ ìyàtọ̀ mẹ́ta tó wà láàárín ojú ìpàdé àti ìlà ìdàgbà.

2. Akẹ́kọ̀ọ́ kan rí ojú ìpàdé lára ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ ewé, ó sì kọ pé «ike ni». Àwòrán wo ló yẹ kó yà sí i kó tó kọ bẹ́ẹ̀, kí ló sì yẹ kó wá nínú rẹ̀?

3. Ya àwòrán bí ìhó yóò ṣe rí nínú (a) dígí fífà, (b) dígí wíwé, (d) rẹ́sìnì. Fi ihò ìlẹ̀kẹ̀ hàn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

4. Ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ oyin kan léfòó nínú omi iyọ̀. Ẹni tó ni ín sọ pé ẹ̀rí ti dé pé ámbà ni. Ṣàlàyé ohun tí ìdánwò náà fi hàn àti ohun tí kò fi hàn.

5. Nínú àpẹẹrẹ 7.6, kí ni ìdí tí nọ́ńbà 3, 8 àti 11 fi jẹ́ ike bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ojú ìpàdé lára wọn?

6. Iṣẹ́ ṣíṣe: Tọrọ okùn ìlẹ̀kẹ̀ kan lọ́wọ́ àgbà nílé, gba àṣẹ, má sì tú u. Ya Àwòrán A, B, D àti E fún ẹyọ márùn-ún. Kọ «ó dájú», «ó jọ bẹ́ẹ̀» tàbí «àwòrán kò yanjú rẹ̀» sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o sì kọ àmì tí o rí tó mú ọ kọ ọ́. Dá okùn náà padà kí o tó sọ èsì rẹ fún ẹnikẹ́ni.